Bí Ejò Bá Tán Lóko, Ta Ni Yóò Jèrè, Ta Ni Yóò Pàdánù?

Ìbéèrè kan kì í wọ́n nínú ìdánwò bàọ́lọ́jì àwọn ọmọ ilé-ìwé girama. Wọn á ya àwòrán àwọn ohun abẹ̀mí tí ń jẹ ara wọn, wọn á fi ọfà so wọ́n pọ̀, wọn á wá béèrè pé: bí ọ̀kan nínú wọn bá kú tán, èwo ni yóò pọ̀ sí i, èwo ni yóò dín kù? Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ a kàn méfò ìdáhùn. Bẹ́ẹ̀ ìbéèrè náà ní ọ̀nà tí a fi ń tú u, ọ̀nà náà kò sì le.

Ẹ jẹ́ kí a mú oko àgbàdo kan. Eku ń jẹ àgbàdo, tata náà ń jẹ ewé rẹ̀. Ọ̀pọ̀lọ́ ń jẹ tata. Ejò ń gbé ọ̀pọ̀lọ́ mì, ó sì ń gbé eku mì. Àṣá ń gbé ejò, ó sì ń gbé eku pẹ̀lú. Àwòrán irú àjọṣe báyìí ni à ń pè ní àwọ̀n oúnjẹ.

Ibi ọfà ni àṣìṣe ti máa ń kọ́kọ́ wọlé. Ẹni tí ó jẹun ni ọfà máa ń kọjú sí, kì í ṣe ẹni tí wọ́n jẹ, nítorí pé ọ̀nà tí agbára inú oúnjẹ gbà lọ ni ó ń fi hàn. Ọfà kúrò lára àgbàdo, ó lọ sọ́dọ̀ tata. Ó kúrò lára tata, ó lọ sọ́dọ̀ ọ̀pọ̀lọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ka ọfà yìí sódì, àgbàdo ni yóò ní ó ń jẹ tata, gbogbo ohun tó bá sì kọ lẹ́yìn ìyẹn yóò dorí kodò.

Ó dáa. Ká ní àwọn àgbẹ̀ pa gbogbo ejò inú oko yìí tán. Kí ni yóò ṣẹlẹ̀?

Ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀

Ẹ má gbìyànjú láti rí gbogbo àwòrán náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ mú ọ̀nà kan, kí ẹ tọ̀ ọ́ dé òpin, kí ẹ tó mú òmíràn.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀lọ́. Nínú àwòrán wa, ejò nìkan ló ń pa á jẹ. Nígbà tí ejò ti lọ, ọ̀pọ̀lọ́ yóò pọ̀ sí i. Bí ọ̀pọ̀lọ́ bá pọ̀, tata tí wọ́n máa jẹ yóò pọ̀, tata yóò sì dín kù. Bí tata bá dín kù, ewé àgbàdo yóò sinmi díẹ̀. Nítorí náà, ní ọ̀nà yìí, ọ̀pọ̀lọ́ jèrè, tata pàdánù, àgbàdo jèrè. Ẹ kíyè sí i pé bí a ti ń sọ̀ kalẹ̀ láti ọ̀dọ̀ apẹran tó kúrò, èrè àti àdánù ń gba ipò lọ́wọ́ ara wọn ní ìpele kọ̀ọ̀kan.

Kì í rí bẹ́ẹ̀ bí a bá ń gòkè. Ká ní tata ló kú tán, ọ̀pọ̀lọ́ kò ní oúnjẹ mìíràn nínú àwòrán yìí, ó ti pàdánù nìyẹn. Ejò tí ń jẹ ọ̀pọ̀lọ́ náà yóò pàdánù, àfi bí eku bá tó o jẹ. Ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo ni ìyà máa ń jẹ jù. Ẹni tó ní oúnjẹ méjì tàbí mẹ́ta ṣì lè rọ́gbọ́n dá.

Ọ̀nà kejì gba ọ̀dọ̀ eku kọjá. Ejò ti lọ, ọ̀tá eku dín ọ̀kan, eku yóò pọ̀ sí i. Eku tó pọ̀ yóò máa hú irúgbìn àgbàdo nínú ebè, yóò sì máa jẹ ọmọ rẹ̀ lórí ìdúró. Ní ọ̀nà yìí, àgbàdo pàdánù.

Àgbàdo kan náà wá ń jèrè lọ́nà kan, ó ń pàdánù lọ́nà kejì. Ibí yìí ni akẹ́kọ̀ọ́ púpọ̀ ti máa ń yan ọ̀kan, tí á gbàgbé èkejì. Ìdáhùn tó péye ni pé àwòrán nìkan kò lè sọ èyí tí yóò borí. Ó di ìgbà tí a bá mọ iye tí eku ń bàjẹ́ àti iye tí tata ń bàjẹ́. Bí ìbéèrè bá fún wa ní iye yẹn, ká lò ó. Bí kò bá fún wa, ká kọ ọ̀nà méjèèjì àti ìdí wọn.

Àṣá àti píráámídì agbára

Ó ku àṣá. Ẹni tó bá wò ó fìrí yóò sọ pé ó pàdánù, torí oúnjẹ rẹ̀ kan ti tán. Kí a tó gbà bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ ká wo píráámídì agbára.

Nínú agbára tó wọ ara ohun abẹ̀mí kan, èyí tó pọ̀ jù ni ó ń lò láti mí, láti rìn àti láti wà láàyè, ó sì ń bá ooru lọ. Òmíràn ń bá ìgbẹ́ jáde, òmíràn wà nínú ẹni tó kú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jẹ ẹ́. Ohun tó ń dé ọ̀dọ̀ ẹni tó wà lókè kò pọ̀. Ìdá kan nínú mẹ́wàá ni ìwé ilé-ìwé máa ń lò, ṣùgbọ́n ìṣirò lásán ni, kì í ṣe òfin. Howard Odum wọn agbára nínú odò Silver Springs ní Flọ́rídà, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1957. Lórí mítà onígun mẹ́rin kan láàárín ọdún kan, àwọn ewéko kó kílókálórì 20,810 jọ. Èyí tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń jẹ ewéko jẹ́ 3,368, ti àwọn apẹran jẹ́ 383, ti àwọn apẹran tó wà lókè pátápátá jẹ́ 21. Ìpele kan gba ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ, òmíràn kò tó o, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó tó ti ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Ẹ padà sí oko wa, kí ẹ lo ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ká ní kílókálórì 10,000 wà lára àgbàdo. Eku gba 1,000 nínú rẹ̀, ejò tó jẹ eku gba 100, àṣá tó jẹ ejò gba 10. Ṣùgbọ́n bí àṣá bá jẹ eku fúnra rẹ̀, 100 ló gbà. Ejò jẹ́ ìpele kan láàárín wọn. Nígbà tó kúrò, agbára tó ti máa ń bá ooru ara ejò lọ lè dé ọ̀dọ̀ àṣá. Àṣá lè jèrè láti inú ikú ejò!

Mo ní “lè”, torí píráámídì kò mọ bí ẹranko ṣe ń dọdẹ. Ọ̀sán ni àṣá ń ríran pa ẹran, bẹ́ẹ̀ eku púpọ̀ a máa jáde lóru. Ejò a máa wọ ihò tọ eku lọ; àṣá kò lè wọ̀ ọ́. Bí ọwọ́ àṣá kò bá tó eku wọ̀nyí, agbára náà yóò kàn wà níbẹ̀ ni, àgbàdo ni yóò sì máa fi san án.

Nígbà tí ẹ bá ń kọ ìdáhùn, nítorí náà, “yóò pọ̀ sí i” nìkan kò tó. Ẹ sọ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn, ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí i, àti ìdí, báyìí pé: “Ọ̀pọ̀lọ́ yóò pọ̀ sí i, nítorí ejò nìkan ló ń jẹ ẹ́ nínú àwòrán yìí.” Bí ọ̀nà méjì bá ń tako ara wọn, ẹ kọ méjèèjì. Kí ẹ sì rántí pé pípọ̀ náà ní òpin: eku tó ń pọ̀ lónìí yóò dín kù bí àgbàdo bá tán lóko.