Ètò oúnjẹ àìjẹran-àìjẹja ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́

Ètò oúnjẹ àìjẹran-àìjẹja ni ìlànà tí ẹni tí kò jẹ ẹran àti ẹja ń tẹ̀lé kí ara rẹ̀ lè rí gbogbo èròjà tí ó nílò. Ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, ìlú méjì tí ó wà lẹ́bàá ọ̀sà ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ẹja ni ó máa ń ṣe iṣẹ́ mẹ́ta pọ̀ nínú ìkòkò: ó ń mú fítámì B12, síńkì àti prótéìnì pípé wá. Ẹni tí ó bá yọ ẹja kúrò nínú ìkọ́kọrẹ́, oúnjẹ tí àwọn ará agbègbè yìí ń fi ewùrà sè, ti dín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Oúnjẹ tí ó wọ́pọ̀ lọ́jà lè rọ́pò méjì nínú wọn. Ẹ̀kẹta, ìyẹn B12, ni ó nílò ètò ọ̀tọ̀.

Prótéìnì pípé

Mẹ́sàn-án nínú àwọn amínò ásíìdì tí ara fi ń mọ prótéìnì ni ara àgbàlagbà kò lè ṣe fúnra rẹ̀. Inú oúnjẹ ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti wá. Prótéìnì tí ó ní mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ní ìwọ̀n tí ara ń fẹ́ ni à ń pè ní prótéìnì pípé. Ẹ̀wà ní láísìnì púpọ̀, ṣùgbọ́n mẹ̀tíónìnì rẹ̀ kéré. Àgbàdo àti ìrẹsì ní mẹ̀tíónìnì tí ó tó, ṣùgbọ́n láísìnì wọn kéré. Bí ènìyàn bá jẹ oríṣi méjèèjì, ohun tí ọ̀kan kò ní tó ni èkejì ń dí. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí nínú àdàlù, nínú àkàrà àti ẹ̀kọ, àti nínú ẹ̀wà àti ìrẹsì. Kò pọn dandan kí wọ́n wà nínú àwo kan náà. Bí a bá jẹ wọ́n láàárín ọjọ́ kan, ara yóò lò wọ́n pọ̀.

Ẹ̀gẹ́ ni ibi tí ètò yìí ti máa ń yẹ̀. Prótéìnì inú gààrí kéré púpọ̀, kò ju gíráàmù kan tàbí méjì lọ nínú gíráàmù 100. Nítorí náà, ẹni tí ó mu gààrí ní ọ̀sán, tí ó sì jẹ ẹ̀bà pẹ̀lú ọbẹ̀ ata lásán ní alẹ́, lè yó dáadáa láìjẹ prótéìnì tí ó tó.

Síńkì

Ìwọ̀n tí a ń lò ní Amẹ́ríkà fún àgbàlagbà ni síńkì mìlígíráàmù 8 lójúmọ́ fún obìnrin àti 11 fún ọkùnrin. Ègúsí, kajú, ẹ̀pà àti ẹ̀wà ní síńkì, ṣùgbọ́n wọ́n tún ní fáítéètì, èròjà tí irúgbìn fi ń tọ́jú fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì pamọ́. Fáítéètì a máa so mọ́ síńkì nínú ìfun, kò sì ní jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó gbára lé ọkà àti ẹ̀wà fi lè nílò ju ìwọ̀n yẹn lọ, tí ó lè tó ìdajì sí i. Fún obìnrin, èyí jẹ́ mìlígíráàmù 12.

Rírẹ ẹ̀wà sínú omi mọ́jú kí a sì da omi náà nù, jíjẹ́ kí ó hù díẹ̀ kí a tó sè é, àti fífi ọkà sílẹ̀ kí ó kan, gbogbo wọn ni ó ń dín fáítéètì kù. Ṣùgbọ́n ògì ní àbùkù kan. Òótọ́ ni pé àgbàdo rẹ̀ ti kan, àmọ́ èèrí tí a fi asẹ́ yọ ń bá èèpo àti ojú àgbàdo lọ, níbi tí púpọ̀ nínú síńkì rẹ̀ wà. Nítorí náà, a kò gbọdọ̀ ka ògì sí orísun síńkì.

Fítámì B12

Baktéríà nìkan ni ó ń ṣe B12. Ẹran, ẹja, ẹyin àti wàrà ní in nítorí pé ẹranko ti gbà á lọ́dọ̀ baktéríà; ewéko kì í ṣe é, kò sì nílò rẹ̀. Irú, bí baktéríà tilẹ̀ ni ó ń mú un kan, kì í ṣe orísun tí a lè gbára lé. Bẹ́ẹ̀ náà ni olú àti ewébẹ̀ tí a kò fọ̀.

Àgbàlagbà nílò máíkrógíráàmù 2.4 lójúmọ́. Ẹja ẹpiyá gíráàmù 100 tí a ti sè ní nǹkan bíi 2, èyí sì fi hàn bí ó ti rọrùn tó fún ẹni tí ń ra ẹja ní ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ láti rí i láìronú rárá. Fún ẹni tí kò jẹ ẹja, ife wàrà olómi kan ní bíi 1.2. Ẹyin kan ní bíi 0.5, ṣùgbọ́n ara kì í gba púpọ̀ nínú ti ẹyin. Ẹni tí kò jẹ ẹyin tàbí wàrà nílò oògùn oníhóró: ó kéré tán máíkrógíráàmù 10 lójúmọ́, tàbí 2000 lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ìwọ̀n ti ọ̀sẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nítorí pé ìwọ̀nba díẹ̀ ni ìfun lè gbà lẹ́ẹ̀kan. Nínú èyí tí ó bá ṣẹ́kù, bíi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ń wọlé.

Àpẹẹrẹ ọjọ́ kan

Ẹ jẹ́ kí a wo obìnrin tí ó wọ̀n kílógíráàmù 60. Ó nílò bíi prótéìnì gíráàmù 50 lójúmọ́. Ní òwúrọ̀ ó jẹ ògì àti àkàrà tí a fi ẹ̀wà gbígbẹ gíráàmù 100 ṣe: prótéìnì bíi 25, síńkì bíi 3. Ní ọ̀sán ó jẹ ìrẹsì gíráàmù 100 pẹ̀lú ẹ̀fọ́ tí a fi ègúsí gíráàmù 50 sè: prótéìnì bíi 20, síńkì bíi 4.5. Ní alẹ́ ó jẹ ìkọ́kọrẹ́ tí kò ní ẹja, ó sì jẹ kajú gíráàmù 50 lé e: prótéìnì bíi 13, síńkì bíi 3.5.

Àpapọ̀ prótéìnì jẹ́ 58, ó sì pé, nítorí pé ẹ̀wà àti ọkà wà níbẹ̀. Síńkì jẹ́ 11: ó ju 8 lọ, ó sì súnmọ́ 12. Ṣùgbọ́n B12 jẹ́ òfo. Bí ó bá fi ẹ̀wà àti ègúsí ìlọ́po méjì kún un, òfo náà ni yóò jẹ́. Ife wàrà méjì tàbí oògùn rẹ̀ ni ó lè yí i padà.

Bí àìtó ṣe ń farahàn

Ẹ̀dọ̀ a máa tọ́jú B12 pamọ́ fún ọdún mélòó kan, nítorí náà ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹja sílẹ̀ kì í rí ìyàtọ̀ kankan lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àárẹ̀, ahọ́n ríro, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tí ń ṣe bí ẹni pé èèrà ń rìn lórí wọn, ìgbàgbé àti ẹsẹ̀ tí kò dúró dáadáa máa ń bẹ̀rẹ̀. Fóléètì, tí ó pọ̀ nínú ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́, lè bo àìtó ẹ̀jẹ̀ tí àìsí B12 ń fà, nígbà tí iṣan-ara ṣì ń bàjẹ́ lábẹ́lẹ̀. Nítorí náà, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lásán lè dára kí ewu ṣì wà. Ìwọ̀n B12 gan-an ni ó yẹ kí a yẹ̀ wò. Bí iṣan-ara bá ti bàjẹ́ pẹ́, ó lè má padà sípò tán.

Ewu yìí yára jù fún ọmọ ọwọ́. Ohun tí ó ní nípamọ́ kéré, ọmú ìyá tí kò ní B12 kò sì lè fún un ní ohun tí kò sí níbẹ̀, nítorí náà oṣù díẹ̀ ni ó lè fi ṣàìsàn. Ìyá tí ń fún ọmọ lọ́mú nílò máíkrógíráàmù 2.8 lójúmọ́.