Bí owó ẹ̀wà Bódìjà ṣe ń tẹ̀ lé ti Kánò

Ẹni tó bá ń kọ iye owó àpò ẹ̀wà sílẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ní ọjà Dáwánáù ní Kánò àti ní Bódìjà n'Íbàdàn yóò rí i pé kò sí èyí tó dúró sójú kan nínú méjèèjì. Owó ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ti ọ̀sẹ̀ yìí, àfi ohun tí òjò, ọ̀dá tàbí owó epo bá fi kún un tàbí tó yọ kúrò. Bó bá ti gòkè, kò sí iye pàtó kan tó ń pè é padà.

Àlàfo tó wà láàárín méjèèjì ni kì í rìn jìnnà. Bí Bódìjà bá wọ́n jù, àwọn aláròóbọ̀ á tẹ Kánò láago, tírélà á kún, ẹ̀wà á dé, owó á sì rọlẹ̀. Bí Kánò bá wọ́n tí Bódìjà kò tíì wọ́n, ta ló máa kó ẹrù wá? Ẹ̀wà á dín kù nílẹ̀, owó á gbéra. Àjọrìn yìí ni àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé ń pè ní kointigiréṣọ́ọ̀nù. Clive Granger àti Robert Engle ló ṣàlàyé lọ́dún 1987 bí a ṣe ń dán an wò.

Ìdánwò pọn dandan, nítorí ìrísí máa ń tanni. Gbé owó ẹ̀wà àti owó irun gígẹ̀ ọdún mẹ́wàá síra wọn: méjèèjì ń gòkè, ìṣirò á sì ní wọ́n bára tan. Lọ́dún 1974 ni Granger àti Paul Newbold ti fi hàn pé nọ́ńbà méjì tí kò mọra rí, tó kàn ń rìn gbéregbère, lè dà bí ìbátan lójú ìṣirò. Nítorí náà, kì í ṣe bí wọ́n ṣe jọ ń gòkè la ń wò. Àlàfo là ń wò: ṣé ó máa ń padà?

Ká ní ìṣirò sọ fún wa pé owó Bódìjà jẹ́ owó Kánò pẹ̀lú náírà 12,000, ìyẹn owó ọkọ̀, owó alábàárù àti èrè. Ohun tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn èyí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni àlàfo. A ó fi ìdánwò Dickey àti Fuller wò ó. Fún owó kan ṣoṣo, bí èsì bá kéré sí -2.86, ó tó. Fún àlàfo yìí, ó gbọ́dọ̀ kéré sí nǹkan bí -3.34, nítorí àwa fúnra wa la yan ìlà tó mú un kéré jù lọ. Ẹni tó gé aṣọ mọ́ ara rẹ̀ kò lè máa yangàn pé aṣọ náà ba òun mu.

Bí ó bá yege, a lè wá béèrè bó ṣe ń yára padà tó. Àwòṣe àtúnṣe àṣìṣe ló ń dáhùn ìyẹn:

```
ΔB(t) = 0.4·ΔK(t) − 0.25·[B(t−1) − 12000 − K(t−1)]
```

B ni Bódìjà, K ni Kánò, Δ ni ìyípadà láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Àlàfo ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló wà nínú àkámọ́. Ká ní Kánò wà ní 60,000, Bódìjà ní 72,000, kò sí àlàfo. Lójijì, Kánò di 64,000. Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, Bódìjà á fi 1,600 kún tirẹ̀, á di 73,600. Ṣùgbọ́n 76,000 ló yẹ kó wà, ó ku 2,400. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, á fi ìdámẹ́rin 2,400 kún un, ìyẹn 600; lẹ́yìn náà 450. Láàárín ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkẹta, ìdajì gbèsè náà á ti san.

Àmì ìyọkúrò tó wà níwájú 0.25 ṣe kókó. Bó bá jẹ́ àmì ìròpọ̀, owó Bódìjà ń sá lọ ni, kò padà. A jẹ́ pé ohun kan wọ́. Kọ irú ìlà kan náà fún Kánò, níbi tó yẹ kí àmì jẹ́ ìròpọ̀. Bí nọ́ńbà ibẹ̀ bá sún mọ́ òdo, Kánò kò fetí sí Bódìjà rárá, òun ló ń darí.

Ohun tó sábà ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ kì í ṣe ìṣirò. Àkọsílẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀wà olóyin, tó wá parí sí ẹ̀wà funfun, á dá àlàfo tí ọjà kò mọ̀ nípa rẹ̀ sílẹ̀. Àkọsílẹ̀ oṣooṣù náà á fi àtúnṣe ọ̀sẹ̀ méjì pa mọ́.

Èyí tó le jù ni kí owó ọkọ̀ fúnra rẹ̀ yí padà lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ epo ní May 2023, ohun tó ń jẹ́ 12,000 nínú àpẹẹrẹ wa kò lè jẹ́ 12,000 mọ́. Ìdánwò lásán á ní àjọrìn ti bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà náà ló kàn wọ́n sí i. Ya àlàfo náà sórí ìwé: bó bá jẹ́ pé láti ọjọ́ kan lọ, gbogbo rẹ̀ bọ́ sí apá kan, tó sì ń mì jẹ́jẹ́ yí ipò tuntun ká, ìpele ló yí. Ìdánwò tí Gregory àti Hansen ṣe jáde lọ́dún 1996 máa ń wá ọjọ́ ìyípadà náà fúnra rẹ̀, á sì wọn àlàfo láti ìpele méjèèjì.