Ìgbà Wo Ló Mu Ọmú?

Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń sin màlúù mẹ́rin lẹ́yìn ìlú Ọ̀yọ́ pè mí lọ́sàn-án ọjọ́ kan pé kí n wá bá òun wo ọmọ màlúù òun. Kí n tó débẹ̀, ó ti kú. Ọmọ ọjọ́ márùn-ún péré ni. Ojú rẹ̀ ti jìn wọnú, ìgbẹ́ olómi sì ti gbẹ mọ́ ìrù àti itan rẹ̀. Ìgbẹ́ gbuuru ló pa á.

Mo bi í bóyá ó mu ọmú nígbà tí wọ́n bí i.

“Ó mu, àbúrò. Ojú mi ló ṣe. Ó mu títí ìfóòfó fi bo ẹnu rẹ̀.”

“Ẹ̀gbọ́n, ìgbà wo ló mu ún?”

Ó ronú díẹ̀. Ìyá rẹ̀ bí i kí ilẹ̀ tó mọ́. Àkọ́bí ìyá náà ni, kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń fún ọmọ lọ́mú; bí ọmọ bá ti sún mọ́ ọn, á fẹsẹ̀ ta á dànù. Nígbà tó fi gbà láti dúró, oòrùn ti ń wọ̀. Ọmọ yẹn mu ọmú lóòótọ́, ṣùgbọ́n wákàtí méjìlá ti kọjá, èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó yẹ kí wàrà náà fún un kò sì lè wọ ara rẹ̀ mọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu nítorí pé ọmọ èèyàn la fi ń wò ó. Ọmọ tiwa, nínú oyún ló ti ń gba àwọn èròjà tó ń bá àrùn jà láti inú ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ̀, ibi ọmọ ni wọ́n ń gbà kọjá. Ẹ jẹ́ ká máa pè wọ́n ní ọmọ ogun ẹ̀jẹ̀. Ibi ti màlúù yàtọ̀: àwọ̀ tó la ẹ̀jẹ̀ ìyá àti ti ọmọ láàárín pọ̀ débi pé ọmọ ogun ẹ̀jẹ̀ kò ráyè kọjá. Ọwọ́ òfìfo ni ọmọ màlúù fi ń wáyé. Inú ọmú ni ìyá ń kó ìpín rẹ̀ pamọ́ sí láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú ìbímọ, wàrà tí wọ́n bá kọ́kọ́ fún lẹ́yìn ìbímọ ló sì gbé e jáde. Òun ni wàrà àkọ́fún, tó ki, tó sì máa ń pọ́n bí ẹyin.

Lọ́dún 1922, Theobald Smith àti Ralph Little, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ nílé ìwádìí Rockefeller ní Princeton nílẹ̀ Amẹ́ríkà, fún àwọn ọmọ màlúù kan ní wàrà àkọ́fún, wọ́n sì fi du àwọn mìíràn. Àwọn tó mu ún yè. Púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n fi dù ló kú láàárín ọjọ́ díẹ̀, kòkòrò tó yẹ kó wà nínú ìfun nìkan sì ti ya wọ inú ara wọn.

Kí ló wá fa ìkánjú? Ẹni tó bá ti sẹ́ ògì rí mọ̀ pé bí ojú asẹ́ bá ti fẹ̀, èèrí á máa bá ògì wọlé. Bí ìfun ọmọ màlúù ṣe rí nìyẹn lọ́jọ́ tí wọ́n bí i. Ojú rẹ̀ fẹ̀ débi pé ọmọ ogun ẹ̀jẹ̀ lè gba inú rẹ̀ kọjá lódindi, kó sì bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Láti ìgbà tó ti bọ́ sílẹ̀ ni ojú asẹ́ náà ti ń dí. Láàárín wákàtí méjì àkọ́kọ́ ló ṣí jù, lẹ́yìn wákàtí mẹ́fà ó ti dín kù gan-an, tó bá sì fi máa pé wákàtí mẹ́rìnlélógún, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí pátá. Ojú kan náà yìí ni kòkòrò inú ìgbẹ́ ń wá. Ọmú tí wọn kò fọ̀, tí ẹrẹ̀ àti ìgbẹ́ wà lára rẹ̀, lè mú kí kòkòrò ṣáájú wàrà dé ìfun.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò rẹ̀. Ọmọ màlúù Bunaji, àwọn funfun tí àwọn Fúlàní ń dà kiri lágbègbè wa, máa ń wọ̀n tó bíi kìló 22 lọ́jọ́ tí wọ́n bí i. Ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n ara rẹ̀ ló yẹ kó mu, ìyẹn lítà méjì ó lé díẹ̀. Tí wàrà náà bá dára, gíráàmù 50 ọmọ ogun ẹ̀jẹ̀ ló yẹ kó wà nínú lítà kan, nítorí náà á tó 110 lápapọ̀. Bó bá tilẹ̀ tètè mu ún, kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta lọ tó máa wọ ẹ̀jẹ̀. Ìyẹn tó o. Àmọ́ tó bá pẹ́, á máa jò dànù. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́jọ sí méjìlá, ó tún yẹ kó mu lítà kan sí i.

Àwọ̀ wàrà máa ń tan èèyàn jẹ: èyí tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú lè má lágbára. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí àwọn tó ń ṣe omi èso fi ń wo ṣúgà, Bíríìsì ni wọ́n ń pè é. Ẹ kán wàrà sójú rẹ̀, ẹ gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, ẹ wò ó. Tó bá dé 22, ó dára. Wàrà ìyá tó ti bímọ bíi mélòó kan sábà máa ń lágbára ju ti alákọ̀ọ́bí lọ, tí ìyá tí ọmú rẹ̀ ti ń jò kó tó bímọ sì máa ń ṣàn.

Bí ọmọ kò bá rí ọmú mú láàárín wákàtí méjì, ẹ má dúró de ìyá rẹ̀. Ẹ so ìyá mọ́lẹ̀, ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ ọmú, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ tó fún un sínú ohun tó mọ́. Ẹ ti ìka bọ ọmọ lẹ́nu: tó bá ń fà á, ó lè mu ìgò. Kó dúró tàbí kó fi àyà lélẹ̀, kí ẹ má gbé orí rẹ̀ ga jù, kí wàrà má baà gba ẹ̀dọ̀fóró lọ. Èyí tí kò lè fa ìka, rọ́bà ọ̀fun ni wọ́n máa ń fi fún un, ẹni tí wọ́n ti kọ́ nìkan ló yẹ kó ṣe é.

Bí wàrà bá ti tutù, ẹ gbé ìgò rẹ̀ sínú omi tí ọwọ́ lè gbà mọ́ra. Ẹ má gbé e kaná. Àwọn ìyá tó ń ta wàrà lójú ọ̀nà mọ̀ pé láìsí ewé bòmùbómù, wàrà yòókù kì í dì, ṣùgbọ́n wàrà àkọ́fún fúnra rẹ̀ á dì bí ẹyin sísè, ọmọ ogun ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ á sì ti jóná.

Àwọn kan máa ń fi èyí tó ṣẹ́ kù sínú fíríìsà, ó sì lè tó ọdún kan níbẹ̀. Àmọ́ pẹ̀lú iná ìjọba tiwa yìí, èyí tó yọ́ tó tún dì kì í ṣe ohun tí mo máa gbẹ́kẹ̀ lé. Kí ẹ ní aládùúgbò tí màlúù rẹ̀ bímọ lọ́sẹ̀ kan náà sàn jù, tí ara màlúù náà bá ṣáà le.

Màlúù ẹ̀gbọ́n mi tún bímọ lẹ́yìn ọdún kan ó lé díẹ̀. Kò tíì tó aago márùn-ún ìdájí tí ìpè rẹ̀ wọlé. Kò tilẹ̀ kí mi.

“Aago mẹ́ta kọjá ogún ìṣẹ́jú ló bọ́ sílẹ̀. Ó ta á nípàá bíi ti tẹ́lẹ̀, mo bá so ó. Ìgò kejì ló ń mu lọ báyìí.”