Ìpolówó sítókípà tí wọ́n tú palẹ̀

Ìpínrọ̀ kan ṣoṣo ni ìpolówó tí wọ́n lẹ̀ mọ́ géètì iléeṣẹ́ búrẹ́dì kan lápá Mọ́níyà, n'Ìbàdàn. Ẹni tó bá kà á tán á pe nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, akáwótì ló sì ń gbé fóònù náà. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń bi í: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé dírẹ́bà lẹ ń wá ni àbí sítókípà?" Ẹ wo ìpolówó ọ̀hún:

"A ń wá sítókípà tó jẹ́ olóòótọ́ àti akíkanjú, tí kò ju ọmọ ọdún 35 lọ, tó ní OND tó sì lè wakọ̀, tí yóò máa gba ìyẹ̀fun, ṣúgà, yíìsì àti bọ́tà wọlé, tó gbọ́dọ̀ mọ kọ̀ǹpútà lò láti fi kọ ọjà sílẹ̀, iṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀ láago mẹ́fà àárọ̀, owó oṣù dára, ẹni náà yóò sì máa rí búrẹ́dì gbà, kó ní oníduró méjì, kó máa gbé nítòsí, kó máa ṣọ́ ọjà kó má bàjẹ́, kó sì máa ṣe iṣẹ́ mìíràn tí ọ̀gá bá yàn fún un. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ kó pè wá."

Kì í ṣe ẹnì kan ló kọ ọ́, ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Mánéjà ló wá ìpolówó dírẹ́bà àtijọ́ kan jáde, ó pa "dírẹ́bà" rẹ́, ó fi "sítókípà" sí i, ó sì gbàgbé ọkọ̀ wíwà síbẹ̀. Akáwótì fi kọ̀ǹpútà kún un, nítorí òun ni ìwé ọjà ń dà láàmú lópin oṣù. Màmá tó ni iléeṣẹ́ ló ní kí wọ́n fi ọjọ́ orí, oníduró àti gbígbé nítòsí sí i, torí pé ẹni tó wà nídìí iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀ kàn dáwọ́ dúró lọ́jọ́ kan ni, kò fi kọ́kọ́rọ́ lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Bí kálukú ṣe ń mú tirẹ̀ wá, wọ́n ń fi kọ́mà so ó mọ́ ti ẹni tó ṣáájú. Àṣà ìwé ìròyìn náà wà níbẹ̀: ààyè ni wọ́n ń tà fún onípolówó, ẹni tó bá sì ń sanwó ààyè á fún ọ̀rọ̀ pọ̀. Ọ̀fẹ́ ni ara géètì, àmọ́ àṣà náà ò tí ì kúrò lọ́wọ́ àwọn èèyàn.

Ìyàwó ọmọ Màmá, tí gbogbo òṣìṣẹ́ ń pè ní Àǹtí, ló bá wọn tú u. Iṣẹ́ ìgbanisíṣẹ́ ló ń ṣe ní iléeṣẹ́ mìíràn. Ó gba ìwé náà, ó fi báírò pupa fa ìlà sí ibi tí kọ́mà kọ̀ọ̀kan wà, ó sì bi abala ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè méjì: ta ni yóò ṣe é, ìgbà wo ni yóò sì ṣe é? Ohun tí òṣìṣẹ́ yóò máa ṣe lẹ́yìn tó bá wọlé, abẹ́ iṣẹ́ ni kó lọ. Ohun tó gbọ́dọ̀ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó dé, ohun tí a ń béèrè nìyẹn. Ohun tí iléeṣẹ́ yóò ṣe fún un, ẹ̀tọ́ àti àǹfààní. Ohun tí ẹni tó ń wáṣẹ́ yóò ṣe láàárín òní sí ọjọ́ tí ìforúkọsílẹ̀ parí, ọ̀nà ìgbàwọlé.

"Màmá, ẹ dákun, ta ló ń wa ọkọ̀ tó ń gbé ìyẹ̀fun wá?"

"Àwọn tó ń tà á fún wa ni. Dírẹ́bà wọn ló ń gbé e wá."

"Kí wá ni sítókípà wa fẹ́ wà mà?"

Mánéjà bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì wọ́gi lé ọkọ̀ wíwà.

Kọ̀ǹpútà ò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn fi ẹsẹ̀ kan sínú iṣẹ́, ó fi ìkejì sínú ohun tí a ń béèrè, irú rẹ̀ ló sì pọ̀ jù nínú ìpolówó. Ẹni tó bá gbé e sí ibì kan ṣoṣo, apá kan ti sọnù. Àǹtí là á sí méjì. Lábẹ́ iṣẹ́, ó kọ pé kó máa kọ iye àpò tó wọlé àti iye tó jáde sínú ìwé ọjà àti kọ̀ǹpútà lójoojúmọ́. Lábẹ́ ohun tí a ń béèrè, ó kọ pé kó ti lo Excel rí.

Nígbà tí wọ́n dé "kó máa ṣọ́ ọjà kó má bàjẹ́", Àǹtí dìde, ó ní kí wọ́n mú òun lọ sí sítọ̀ọ̀. Àpò ìyẹ̀fun oníkílò 50 ni wọ́n tò jọ níbẹ̀, àwọn kan wà lórí pákó, àwọn kan wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n sì fara ti ògiri. Àpò tuntun ni wọ́n tò síwájú, nítorí náà òun làwọn tó ń po ìyẹ̀fun ń kọ́kọ́ fà jáde, ti àtijọ́ wà lẹ́yìn tí kòkòrò ń jẹ ẹ́. Wọ́n rí páálí yíìsì kan tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá. Ibẹ̀ ni "kó máa ṣọ́ ọjà" ti di iṣẹ́ tí èèyàn lè fojú rí: kó máa to ìyẹ̀fun sórí pákó, kó jìnnà sí ògiri, kó rí i pé èyí tó kọ́kọ́ wọlé ló ń kọ́kọ́ jáde, kó máa wo ọjọ́ tó wà lára yíìsì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kó sì jọ ka ọjà pẹ̀lú àwọn tó ṣiṣẹ́ mọ́jú kí wọ́n tó lọ sílé. "Olóòótọ́" àti "akíkanjú" ò rí àyè kankan dúró sí. Kò sí ẹni tí yóò ka ìpolówó tí yóò ní òun kì í ṣe olóòótọ́. Kíka ọjà láàárọ̀ ni yóò fi ìyẹn hàn.

Ohun tí a ń béèrè ló fa àríyànjiyàn. Màmá ò fẹ́ fi ọmọ ọdún 35 sílẹ̀. Ó ní àgbàlagbà ò lè gbé àpò. Akáwótì ló dá a lóhùn pé àwọn alábàárù ni wọ́n ń sanwó fún láti gbé àpò, sítókípà kò gbé e rí, kíkà ló ń kà á. Wọ́n pa ọjọ́ orí rẹ́. Ti OND tún le ju ìyẹn lọ. Ẹni tó ti di kọ́kọ́rọ́ sítọ̀ọ̀ mú fún ọdún méjì, tí ìwé mẹ́wàá ló ní, kò lè wọlé, ẹni tó ka ẹ̀kọ́ mìíràn tí kò rí àpò ìyẹ̀fun rí yóò wọlé. Ni wọ́n bá kọ ọ́ pé ìwé mẹ́wàá pẹ̀lú ìrírí ọdún kan ó kéré tán, kí OND jẹ́ àfikún. Àmọ́ Àǹtí ò jẹ́ kí wọ́n yọ ìrírí kúrò pẹ̀lú ìyókù. Bí ojú asẹ́ bá fẹ̀ jù, gbogbo ìlú ni yóò wọlé, iṣẹ́ tó yẹ kí ìpolówó ṣe yóò sì di ti akáwótì.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n dé ẹ̀tọ́ àti àǹfààní, búrẹ́dì nìkan ni wọ́n sì bá níbẹ̀. "Owó oṣù dára" kì í ṣe nǹkan kan, Àǹtí ò gbà kó dúró. Nígbà tí ọ̀rọ̀ wà ní ìpínrọ̀ kan, kò sẹ́ni tó rí i pé iléeṣẹ́ béèrè nǹkan bí mẹ́wàá, kò sì ṣèlérí ju búrẹ́dì lọ. Màmá ní òun ò fẹ́ kọ owó sára géètì kí àwọn òṣìṣẹ́ tó wà nílẹ̀ má baà fi wé tiwọn. Mo rò pé ẹ̀rù yẹn kì í ṣe ti ìpolówó, ti owó tí wọ́n ń san nínú ilé ni. Wọ́n jíròrò rẹ̀ pẹ́, kí wọ́n tó fẹnu kò sí ₦95,000 sí ₦110,000, gẹ́gẹ́ bí ìrírí ẹni náà bá ṣe tó.

Akáwótì wá rántí owó ìfẹ̀yìntì. Òfin ọdún 2014 mú iléeṣẹ́ aládàáni tó bá ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ: òṣìṣẹ́ yóò dá ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún owó rẹ̀, agbanisíṣẹ́ yóò fi ìdá 10 kún un. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń san án, kò kàn sẹ́ni tó ronú pé ó yẹ kó wà nínú ìpolówó ni. Ti ìsinmi ọdọọdún náà rí bẹ́ẹ̀. Òfin iṣẹ́ ní kó má dín ní ọjọ́ iṣẹ́ 6 lẹ́yìn oṣù 12, 12 sì ni wọ́n ń fún àwọn òṣìṣẹ́ níbẹ̀. Àǹtí ní kí wọ́n kọ 12 náà síbẹ̀, torí pé ohun tó lé lórí ti òfin ló jẹ́ tiwọn.

Aago mẹ́fà àárọ̀ ò bá ìkankan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mu. Kì í ṣe iṣẹ́, kì í sì í ṣe àǹfààní. Òkè pátápátá ni wọ́n gbé e sí pẹ̀lú ibi tí iṣẹ́ wà, kí ẹni tí kò lè rí ọkọ̀ láàárọ̀ kùtù tètè mọ̀. "Gbígbé nítòsí" bá a lọ: ohun tí Màmá ń fẹ́ ni kí ẹni náà dé lásìkò, ibi tó ń sùn kò kàn án.

Ti ọ̀nà ìgbàwọlé kò gba àkókò púpọ̀. Oníduró méjì ni wọ́n tì sẹ́yìn, kó di ẹ̀yìn tí wọ́n bá ti mú ẹni náà, torí ta ni yóò lọ bẹ èèyàn méjì fún iṣẹ́ tí kò tí ì rí? Èyí ni wọ́n tẹ̀ jáde níkẹyìn:

Sítókípà, iléeṣẹ́ búrẹ́dì, Mọ́níyà, Ìbàdàn. Ọjọ́ Ajé sí Àbámẹ́ta, aago 6 àárọ̀ sí aago 2 ọ̀sán.

Iṣẹ́: Gbígba ìyẹ̀fun, ṣúgà, yíìsì àti bọ́tà wọlé, àti fífún àwọn tó ń po ìyẹ̀fun. Títo ọjà sórí pákó, kí èyí tó kọ́kọ́ wọlé kọ́kọ́ jáde. Wíwo ọjọ́ ara yíìsì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kíka ọjà láràárọ̀ àti kíkọ ọ́ sínú ìwé àti kọ̀ǹpútà.

Ohun tí a ń béèrè: Ìwé mẹ́wàá, ìrírí ọdún kan nídìí sítọ̀ọ̀, kó sì ti lo Excel rí. OND jẹ́ àfikún, kì í ṣe dandan.

Ẹ̀tọ́ àti àǹfààní: ₦95,000 sí ₦110,000 lóṣù, owó ìfẹ̀yìntì, ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ 12 lọ́dún, búrẹ́dì kan lójúmọ́.

Ọ̀nà ìgbàwọlé: Mú lẹ́tà ojú ewé kan àti ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí wá sí géètì, má mú ojúlówó wá. Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, aago 4 ìrọ̀lẹ́, ló parí. A kì í gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tí a bá mú ni yóò mú oníduró méjì wá.

Akáwótì sọ fún mi pé àwọn tó ń wáṣẹ́ ṣì ń pe òun, àmọ́ ọ̀nà géètì ni wọ́n ń béèrè báyìí. Ìwé náà tún bá wọn ṣe iṣẹ́ kejì. Òfin iṣẹ́ ní kí agbanisíṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ ní àdéhùn tó wà lákọsílẹ̀ kí oṣù mẹ́ta tó pé, owó oṣù, wákàtí iṣẹ́ àti ìsinmi sì wà lára ohun tó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Inú ìpolówó yẹn ni wọ́n ti ṣà wọ́n jáde.

Nígbà tí Màmá fẹ́ kí wọ́n kà á lórí rédíò, Àǹtí tún un tò. Ojú lè padà sókè lórí ìwé, etí kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ nídìí rédíò. Wọ́n fi orúkọ iṣẹ́, ibi tó wà àti owó ṣáájú, wọ́n gé iṣẹ́ kù sí gbólóhùn méjì, wọ́n sì ní kí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ka ọjọ́ tí yóò parí àti ọ̀nà géètì lẹ́ẹ̀mejì.