Ta Ni Yóò San Owó Báńkì?

Ká ní aláṣọ àdìrẹ kan ní Abẹ́òkúta kọ̀wé sí oníbàárà rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù pé: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi 500 dọ́là ránṣẹ́.” Oníbàárà sanwó lóòótọ́, ṣùgbọ́n 470 ló wọ àkáǹtì dọ́là obìnrin náà.

Kò sẹ́ni tó rẹ́ni jẹ. Owó òkèèrè sábà máa ń gba ọwọ́ báńkì alárinà kọjá, onítọ̀hún a sì yọ tirẹ̀. Àmì mẹ́ta ló ń sọ ẹni tí yóò san án. OUR: ẹni tó fowó ránṣẹ́ ló san gbogbo rẹ̀. BEN: ẹni tó gbowó ni. SHA: olówó san ti báńkì tirẹ̀, ẹni tó gbowó san ìyókù. Bí lẹ́tà kò bá sọ nǹkan kan, SHA ni oníbàárà sábà máa ń bá lórí fọ́ọ̀mù.

Lẹ́tà tó dáa jù nìyí:

“Ẹ kú iṣẹ́, sà. 500 dọ́là gééré ló gbọ́dọ̀ wọ àkáǹtì wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí báńkì yín ṣẹ́ pọ́n-ùn sí dọ́là kó tó kúrò lọ́dọ̀ wọn, kí ẹ sì yan OUR. Owó ṣíṣẹ́ àti owó ìfiránṣẹ́ jẹ́ tiyín. Èyí tí báńkì wa níbí bá yọ, àwa la ó san án.”

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ṣe kókó gan-an, nítorí OUR kì í fi gbogbo ìgbà dí báńkì tó gbowó lọ́wọ́ láti yọ tirẹ̀. Bí owó bá sì tún dín, kí ó béèrè ẹ̀dà pacs.008 lọ́wọ́ oníbàárà: ìlà ChrgBr ni yóò fi èyí tí wọ́n yàn hàn, DEBT ni OUR níbẹ̀.