Láti Inú Ímeèlì sí Ìwé Ìrìn-àjò Ọjọ́ Kọ̀ọ̀kan

Ní ọ̀kan nínú àwọn àjọ̀dún tí a ti ṣe kọjá, arábìnrin kan nínú ẹgbẹ́ wa pàdánù ọkọ̀ òfuurufú tí ì bá gbé e padà sí Lọ́ńdọ̀nù. Kò sùn gbàgbé, bẹ́ẹ̀ ni sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ kò dá a dúró lójú ọ̀nà. Ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i sọ pé ọkọ̀ yóò gbéra ní ọjọ́ Ajé, aago 00:25. Ó wá sùn sí Ọ̀wọ̀ ní òru ọjọ́ Àìkú, ó sì dé pápákọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé. Ọkọ̀ náà ti lọ ní nǹkan bí wákàtí méjìdínlógún ṣáájú. Owó tíkẹ́ẹ̀tì mìíràn ni ó fi jẹ̀bi.

Nítorí èyí ni a ṣe rò pé ó yẹ kí a ṣàlàyé bí ènìyàn ṣe lè sọ àwọn ímeèlì tó ń fìdí ìrìn-àjò múlẹ̀ di ìwé kan ṣoṣo tí a tò ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan.

Ohun àkọ́kọ́ ni kí a kó gbogbo ímeèlì náà jọ, kí a sì tò wọ́n bí wọ́n ṣe dé tẹ̀léra. Bí ilé iṣẹ́ kan bá kọ̀wé lẹ́ẹ̀mejì lórí ìrìn kan náà, èyí tó dé kẹ́yìn ni kí a gbà, nítorí pé àkókò ọkọ̀ a máa yí padà, pàápàá jù lọ ti àwọn ọkọ̀ tó ń fò láàrin orílẹ̀-èdè wa. Lẹ́yìn náà, kí a fa nǹkan márùn-ún péré yọ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan: ọjọ́, aago, ibi tí a ti ń gbéra àti ibi tí a ń lọ, kóòdù, àti nọ́ńbà fóònù ẹni tí a lè pè.

Ní ti aago, ti ìlú tí ọkọ̀ wà ni wọ́n máa ń kọ. Aago Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n fi ń kọ ìgbéra ní Lọ́ńdọ̀nù, aago Èkó ni wọ́n sì fi ń kọ ìgúnlẹ̀ ní Èkó. Nígbà òtútù, Èkó fi wákàtí kan ṣáájú Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn, aago méjèèjì dọ́gba. Bí a bá rí `+1` lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago ìgúnlẹ̀, ó túmọ̀ sí pé ọjọ́ kejì ni ọkọ̀ yóò balẹ̀. Aago tó bá sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `00` jẹ́ ti òru tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ bọ̀. Nítorí náà, lábẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni kí a kọ ìrìn wa sí pápákọ̀ sí.

Ní ti kóòdù, oríṣi méjì ni ó wà. Èkíní jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́fà, bí àpẹẹrẹ `K7QM2X`; òun ni a fi ń ṣí ìwé wa lórí ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ ọkọ̀. Èkejì ni nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀, tí í ṣe nọ́ńbà mẹ́tàlá. Mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú rẹ̀ ni ó ń tọ́ka sí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ náà. Ẹni tó bá ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ alágbàtà lè rí kóòdù kẹta, tó jẹ́ ti alágbàtà nìkan. Bí a bá tẹ kóòdù pẹ̀lú orúkọ ìdílé wa, tí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ sì ní òun kò rí i, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ti alágbàtà ni a tẹ̀. Kí a wo inú ímeèlì náà dáadáa, tàbí kí a béèrè èyí tí í ṣe ti ọkọ̀ lọ́wọ́ alágbàtà. Ẹ̀dà ni kí a máa ṣe kóòdù, kí a má fi ọwọ́ tún un kọ, nítorí pé `O` àti `0` jọra púpọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìrìn-àjò kan ṣe àpẹẹrẹ. Ímeèlì mẹ́ta ni a ní: tíkẹ́ẹ̀tì Lọ́ńdọ̀nù sí Èkó, àlọ àti àbọ̀; tíkẹ́ẹ̀tì Èkó sí Àkúrẹ́, àlọ àti àbọ̀; àti yàrá hòtẹ́ẹ̀lì ní Ọ̀wọ̀. Bí ìwé náà yóò ṣe rí nìyí:

Ọjọ́rú, 11 oṣù kọkànlá. 19:20, kí a ti wà ní pápákọ̀ `LHR`. 22:20, ìgbéra. Kóòdù `K7QM2X`. Nọ́ńbà ilé iṣẹ́ ọkọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 12. 05:40, ìgúnlẹ̀ ní `LOS`. *Láti ibùdó ọkọ̀ òkè òkun sí ibùdó ọkọ̀ abẹ́lé ní Ìkẹjà: ta ni yóò gbé wa?* 11:30, ìgbéra sí `AKR`. Kóòdù `R4TB9W`. 12:20, ìgúnlẹ̀. *Láti Àkúrẹ́ sí Ọ̀wọ̀: ta ni yóò gbé wa?* Hòtẹ́ẹ̀lì, alẹ́ mẹ́ta. Yàrá ṣí sílẹ̀ láti 14:00. Nọ́ńbà hòtẹ́ẹ̀lì.

Ọjọ́ Àìkú, 15. Ìsìn ìdúpẹ́. 12:30, ìgbéra ní Ọ̀wọ̀. 15:40, ọkọ̀ Àkúrẹ́ sí Èkó. 21:25, kí a ti wà ní ibùdó ọkọ̀ òkè òkun.

Ọjọ́ Ajé, 16. 00:25, ìgbéra sí Lọ́ńdọ̀nù.

Ẹ kíyè sí àwọn ìbéèrè méjì tó wà láàrin. Kò sí ímeèlì kankan tó dáhùn wọn, nítorí pé ohun tí a sanwó fún nìkan ni ímeèlì mọ̀. Àlàfo tó wà láàrin ìwé kan àti èkejì ni ènìyàn ti máa ń ṣìnà. Ibùdó ọkọ̀ òkè òkun àti ti ọkọ̀ abẹ́lé kò sí lábẹ́ òrùlé kan náà ní Ìkẹjà. Ọkọ̀ ilẹ̀ ni a fi ń lọ láti ọ̀kan sí èkejì. Àkúrẹ́ sì jìnnà sí Ọ̀wọ̀ tó nǹkan bí wákàtí kan. Ẹni tó ń lọ sí Ìfọ́n yóò tún rìn síwájú lójú ọ̀nà Bìní. Nítorí náà, orúkọ awakọ̀ àti nọ́ńbà rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ inú àlàfo kọ̀ọ̀kan kí a tó lè sọ pé ìwé wa ti pé.

Kí a kọ nọ́ńbà fóònù ní ọ̀nà tí a fi lè pè é láti ibikíbi: kí a yọ òdo àkọ́kọ́ kúrò, kí a sì fi `+234` rọ́pò rẹ̀. Kí a ka iye alẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì pẹ̀lú. Ẹni tó wọlé ní ọjọ́ 12, tó sì jáde ní ọjọ́ 15, alẹ́ mẹ́ta ni ó sùn, kì í ṣe mẹ́rin.

Nígbà tí ìwé bá pé, kí a tẹ ẹ̀dà kan sórí bébà, nítorí pé bátìrì lè kú, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì lè sá lọ. Kí a fi òmíràn ránṣẹ́ sí ẹni kan nílé, ṣùgbọ́n kí a yọ kóòdù kúrò nínú èyí tí a bá fi sí àárín ẹgbẹ́. Ẹni tó bá ní kóòdù àti orúkọ ìdílé wa lè ṣí ìwé wa, ó sì lè yí i padà. Ní ọjọ́ kan ṣáájú ìrìn kọ̀ọ̀kan, kí a tún ṣí ímeèlì wò bóyá ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ti yí aago padà. Bí ó bá ti yí i, kí a tún ìwé wa ṣe lójú ẹsẹ̀, kí a sì pe awakọ̀ tó ń dúró dè wá.

Arábìnrin wa náà ti tún wá láti ìgbà yẹn. Lórí bébà tó mú lọ́wọ́, ó ti fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ kan: "Alẹ́ ọjọ́ Àìkú."