Ojú Ìwé Kan fún Ìgbìmọ̀ Alámòójútó

Ìṣúná ilé ìkàwé àdúgbò wa tí mo kọ́kọ́ gbé síwájú ìgbìmọ̀ alámòójútó jẹ́ ojú ìwé 12. Wọ́n jiyàn lórí owó bírò, wọn ò fọwọ́ sí nǹkan kan.

Lọ́dún kejì, ojú ìwé kan ni mo kọ: owó tí yóò wọlé, ₦4,000,000, ìnáwó, ₦5,000,000, àlàfo, ₦1,000,000. Ìbéèrè méjì tẹ̀lé e. Ṣé kí a yọ ₦600,000 nínú owó ìpamọ́, kí ₦900,000 ṣẹ́kù? Ṣé kí a sún kíkun ilé, ₦400,000, sí ọdún tó ń bọ̀? Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí wọ́n bá kọ̀, a ó máa ti ilé ìkàwé lọ́jọ́ Sátidé. Wọ́n gba méjèèjì, akọ̀wé sì kọ iye owó náà sínú àkọsílẹ̀ ìpàdé.